Tí ara ẹni tó ń gba kímò bá gbóná: ẹ má yà sí kẹ́mísì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní fún nǹkan méjì, ohun tó sì ń kó wa sí wàhálà nìyẹn. Tí ara bá gbóná a ní ibà ni, tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn tó wá ń gbọ̀n, a tún ní ibà ni. Torí ẹ̀, tí ara ẹnikẹ́ni bá ti gbóná ní Ìjẹ̀bú Òde ńbí, ẹsẹ̀ wa ti mọ ọ̀nà kẹ́mísì láìbéèrè, wọ́n á pò ó pọ̀ fún wa sínú láílọ́ọ̀nù, òògùn ibà, parasitamọ́ọ̀, fítámì, ó di ọ̀la. Ẹni tára ẹ̀ le lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó sì jí láàárọ̀. Ẹni tó gba kímò, òògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ó lè má jí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ní kímò ni mo ti ṣiṣẹ́ jù. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, màá sì fi ti Ìyá Aláṣọ kan tó ń tajà ní Òkè-Ajé ṣe àpẹẹrẹ, mo gbàyè lọ́wọ́ wọn, mi ò kàn ní dárúkọ wọn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an

Òògùn kímò ò mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ara. Ohun tó mọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó ń yára bí sí i, ìyẹn ló ń pa. Irun ń yára dàgbà, ó re. Awọ inú ẹnu àti inú ìfun ń yára pààrọ̀ ara ẹ̀, ó bó, egbò yọ. Mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde wá, òun náà á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ yìí, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní niutirofíìlì, àwọn ni sójà àkọ́kọ́ tó máa ń ko bakitéríà lójú. Wọn kì í pẹ́ láyé, wákàtí díẹ̀ sí bí ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń lò nínú ẹ̀jẹ̀, torí náà tí mùdùnmúdùn bá ti dákẹ́, àwọn ni wọ́n máa ń tètè tán. Tí wọ́n bá ti wálẹ̀ gan-an tí ara wá gbóná, ohun táwọn dókítà ń pè ní fẹbráìlì niutiropíníà nìyẹn.

Ẹ wá wò ó. Awọ ìfun ti fẹ́lẹ́, bakitéríà tó ti ń gbé inú ìfun wa látọjọ́ tá a ti wà lọ́mọdé rí ihò gbà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, sójà ò sì sí lójú ọ̀nà. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń yára bàjẹ́ nìyẹn, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lè dọ̀tí débi tí ìfúnpá á já wálẹ̀, kídìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ọyún tí ẹ mọ̀ yẹn, òkú niutirofíìlì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tí niutirofíìlì ò bá sí, ọyún ò ní sí. Ojú abẹ́rẹ́ lè ti kó àrùn kó má wú, kó má ṣẹyún, ó kàn pọ́n díẹ̀. Àyà lè ti kó àrùn kí fọ́tò ẹ̀ mọ́ kedere. Ìtọ̀ lè ti bàjẹ́ kí láàbù ní àwọn ò rí nǹkan. Ibà yẹn nìkan lara lè fi ké gbàjarè, òun náà la wá ń fi parasitamọ́ọ̀ pa lẹ́nu mọ́.

Ìgbésẹ̀ tó ṣáájú ibà

Ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín ní kímò, ẹ fi báírò kọ "1" sórí kàlẹ́ńdà, kẹ́ ẹ máa kà á lọ. Lọ́pọ̀ òògùn, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni sójà máa ń kéré jù, lẹ́yìn náà wọ́n á tún máa pọ̀ padà. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún o, ó kàn jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ọ̀sẹ̀ tí kò yẹ kí mọ́tò jìnnà sílé.

Ẹ ra tẹmómítà oní-bátìrì. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń kan iwájú orí yẹn kì í ṣe tẹmómítà, ẹ dákun, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá gbóná á ní ara aláìsàn tutù. Abẹ́ ahọ́n ni kẹ́ ẹ fi sí, tí wọn ò bá tíì jẹ tàbí mu nǹkan gbígbóná tàbí tútù láti bí ààbọ̀ wákàtí. Tí egbò bá pọ̀ lẹ́nu, ẹ fi sí abíyá, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé abíyá máa ń ka iye tó kéré sí ti ẹnu. Ìdí ńkọ́? Rárá o. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ki tẹmómítà bọ ìdí ẹni tó ń gba kímò, ẹ má fún wọn lóògùn àtìbọ̀dí, ẹ má sì fi omi tàbí àgbo sínú ìdí wọn torí pé inú le. Awọ ibẹ̀ á fàya, bakitéríà ibẹ̀ ò sì kéré.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣètò báàgì kan sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Káàdì ọsibítù, ìwé tó dárúkọ kímò tí wọ́n gbà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á, èsì ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ̀yìn, orúkọ òògùn tára wọn ò gbà, pàápàá pẹnisílíìnì. Nọ́ńbà ẹni tó ní mọ́tò tó máa gbéra lóru, kì í ṣe ẹni tó máa ní ká jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Kẹ́ ẹ sì lọ béèrè lójú mọmọ ní ọsibítù tẹ́ ẹ máa gbé wọn lọ pé: ṣé dókítà ń wà lóru? Ṣé ilé òògùn yín ń ṣí lóru, àbí a ó lọ máa wá òògùn kiri ìgboro? Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú Igbó tàbí Àgọ́ Ìwòyè tí ibi tó ti ń gba kímò wà ní Ṣàgámù tàbí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ mọ ọsibítù tó súnmọ́ ọn tó lè fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kẹwàá

Ìyá Aláṣọ lé díẹ̀ láàádọ́ta ọdún, jẹjẹrẹ ọyàn ni, kímò ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n gbà. Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn kímò. Gbogbo wa la ní kí wọ́n má lọ, wọ́n ní àwọn ti san owó aṣọ ẹgbẹ́ àwọn tán, ta ló fẹ́ bá àwọn wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹ mọ bó ṣe rí. Wọ́n lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan fún bíi wákàtí kan, wọ́n sì padà sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì òtútù mú wọn. Ooru mú gbogbo ilé, wọ́n ní kí wọ́n pa fáànù, wọ́n fi aṣọ mẹ́ta bora, eyín wọn ń lu ara. Ọmọ wọn obìnrin fi tẹmómítà sábẹ́ ahọ́n wọn ní aago 9:40, ó ka 38.4.

Iye tẹ́ ẹ máa rántí nìyí. Tí ó bá ka 38.3 lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ gbéra. Tí ó bá ka 38.0, tẹ́ ẹ tún wọn lẹ́yìn wákàtí kan tí ò kúrò níbẹ̀, ẹ gbéra, èmi ṣá tiẹ̀ máa ń sọ fáwọn aláìsàn tiwa pé tó bá ti di 38.0 kí wọ́n ti pè mí nígbà tí wọ́n ń ka wákàtí yẹn. Tí ara bá wá ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń lọ́, tí wọ́n ń mí lókèlókè, tàbí tí ara wọn tutù tí ò tó 36, ẹ má dúró de iye kankan. Àwọn àgbàlagbà àtàwọn tó ń lo dẹksamẹtasónì pẹ̀lú kímò, ara wọn lè má gbóná rárá kí ẹ̀jẹ̀ wọn ti dọ̀tí.

Ọkọ ọmọ wọn ti sáré lọ sí kẹ́mísì ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò wá, wọ́n gún ìka màmá, ìlà méjì ló yọ. Inú ẹ̀ dùn, ó ní ẹ ò rí i, ibà lásán ni. Ó ti já parasitamọ́ọ̀ tán kí ìyàwó ẹ̀ tó pè mí ní aago 10:05.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Ìlà méjì yẹn lè jẹ́ òótọ́, ẹ̀fọn ò ṣọ̀wọ́n nílùú wa. Ó sì lè jẹ́ ti ibà tí wọ́n ti wò sàn lóṣù tó kọjá, torí ohun tí irú àyẹ̀wò yẹn ń wá lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Kódà kó jẹ́ òótọ́, ibà ẹ̀fọn ò ní kí bakitéríà má wà níbẹ̀. Méjèèjì lè jọ wà lára èèyàn kan ṣoṣo. Nítorí náà, àyẹ̀wò ibà ò lè dá yín padà lójú ọ̀nà ọsibítù, ẹ mú un dání, wọ́n á wo ìyẹn náà níbẹ̀.

Parasitamọ́ọ̀ ńkọ́? Mo ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Á mú ooru wálẹ̀ sí 37, màmá á làágùn, wọ́n á ní ara ti fúyẹ́, wọ́n á sùn, bakitéríà ò ní sùn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tán tí wọ́n wọn yín tí wọ́n ní kò sí ibà, wọ́n lè dá yín padà sílé. Aspíríìnì àti ibuprofẹ́ẹ̀nì tún burú ju ìyẹn lọ, torí kímò ti dín ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kù, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣe wàràwàrà. Àgbo náà, ẹ jẹ́ ó sinmi. Ẹ lè fi aṣọ tútù nu wọn lára, ẹ lè fún wọn lómi mu, kò sí ohun tó kù tẹ́ ẹ máa ṣe nílé.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ lẹ́nu ọ̀nà

Èyí dùn mí débi pé mi ò fẹ́ sọ ọ́ púpọ̀. Àbúrò màmá mi, lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé wọn dé ọsibítù kan ní aago 7 alẹ́, wọ́n ní kí wọ́n lọ gba káàdì, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní kí èsì ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ jáde kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa fún wọn. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n wà títí aago 11. Kì í ṣe pé wọ́n burú, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn rí màmá kan tó jókòó tó ń dáhùn kíkí, kò rí ohun tó ń kánjú níbẹ̀. Nílé ìwòsàn míì, nọ́ọ̀sì yẹn lè jẹ́ èmi.

Torí náà ẹ má sọ pé "màmá ní ibà". Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́, màmá yìí gba kímò ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, ara wọn ka 38.4 ní aago 9:40, wọ́n ní ká wá gba antibáyótíìkì láàárín wákàtí kan." Gbólóhùn yẹn ló máa ń gbé nọ́ọ̀sì dìde. Tẹ́ ẹ bá lè fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Ìyá Aláṣọ, mo ti fóònù ọ̀rẹ́ mi kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ṣàgámù, wọ́n gbéra ní 10:20, títì ọ̀nà márosẹ̀ dá, wọ́n débẹ̀ ní 11:05. Ibùsùn ti wà nílẹ̀ ní ìkángun, lọ́tọ̀ sí àwọn tó ń wúkọ́.

Wákàtí àkọ́kọ́ ní ọsibítù

Ìfúnpá wọn jẹ́ 92 lórí 54, ọkàn wọn ń lù 124. Wọ́n fi dírípù sí wọn lọ́wọ́. Kí antibáyótíìkì tó wọlé, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, ìgò méjì láti ojú iṣan kan, méjì láti òmíràn, kí láàbù lè gbìn ín wò bóyá kòkòrò á hù níbẹ̀. Tí antibáyótíìkì bá ti kọ́kọ́ wọlé, kòkòrò lè má hù mọ́, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é tẹ̀ lé ara wọn báyẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ìgò ò bá sí, tàbí tí iṣan ò gbà, wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró.

Wọn ò dúró de èsì kankan. Ní 11:40 piperasilíìnì-tasobákítáàmù ti ń kán wọlé, gíráàmù 4.5, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń tún un fún wọn. Níbòmíì sẹfẹpíìmù ni wọ́n ń lò, níbòmíì mẹropẹnẹ́ẹ̀mù, ó dá lórí irú kòkòrò tó wọ́pọ̀ ní ọsibítù yẹn. Ohun tí gbogbo wọn fi jọra ni pé wọ́n lè pa àwọn kòkòrò inú ìfun, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní sudomónáàsì, ìkà ni ìyẹn. Sẹfitirayásóònù tí gbogbo kẹ́mísì ń gún, kì í ká sudomónáàsì, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni. Tí ojú abẹ́rẹ́ tàbí ojú rọ́bà tí wọ́n ń gba òògùn sí láyà bá pọ́n, wọ́n lè fi fankomaisíìnì kún un.

Èsì ẹ̀jẹ̀ jáde ní bí aago 1 òru. Ẹ lè ka èsì yẹn fúnra yín. Ẹ wá WBC lórí ìwé, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì funfun, ẹ wá NEUT%, ìyẹn iye niutirofíìlì nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ẹ fi wọ́n lu ara wọn báyìí, ANC ni iye sójà tó kù:

```
ANC = WBC × NEUT% ÷ 100
0.9 × 22 ÷ 100 = 0.198
```

Ìyẹn ni pé 0.198 ló kù níbi tó yẹ kó wà ní bíi 1.5 sókè. Tí kò bá ti tó 0.5, tàbí tí kò tó 1.0 tó sì ń já lọ sísàlẹ̀, ohun tí à ń sọ nìyẹn. Tí ò tó 0.1, ọ̀rọ̀ ti le gan-an. Ẹ̀yin náà ẹ wo aago: tí wọ́n bá dúró de ìwé yìí kí wọ́n tó gún wọn, aago 1 ti kọjá.

Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ṣe lábẹ́ maikirosíkóòpù fi hàn pé ibà ẹ̀fọn wà díẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n fún wọn lóògùn ìyẹn náà. Ọkọ ọmọ wọn ò jẹ́ ká gbádùn lórí ẹ̀ títí dòní, ó ní òun sọ bẹ́ẹ̀ àbí òun ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e

Ibà ò ní lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má bínú sí dókítà. Ọjọ́ méjì, mẹ́ta, nígbà míì márùn-ún ló ń gbà kí ooru tó rọlẹ̀, bí òògùn bá tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni pé ṣé ìfúnpá dúró, ṣé wọ́n ń tọ̀ dáadáa, ṣé ọkàn wọn balẹ̀ tí wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Tí ìyẹn bá dáa, wọn kì í sáré pààrọ̀ òògùn. Tí ibà bá wá kọjá ọjọ́ mẹ́rin sí méje tí sójà ò tíì padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí olú tó ń hù nínú ara, wọ́n á fi òògùn tiẹ̀ kún un.

Ní ọjọ́ kejì láàbù pè pé nǹkan hù nínú ìgò: ì-kólì. Gbogbo ẹbí ti fi Ojúde Ọba ṣẹ̀sín fún Ìyá Aláṣọ, wọ́n ti ní èrò ibẹ̀ ló fà á, ẹnì kan tiẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ayé. Ì-kólì, inú ìfun màmá fúnra wọn ló ti jáde. Ká ní inú yàrá ni wọ́n tì wọ́n mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ náà. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa gbé ẹni tó wà lọ́jọ́ kẹsàn-án lọ sáàárín èrò o, kàtá àti ikọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀bi àìsàn lé aláìsàn lórí. Lọ́pọ̀ ìgbà kò tiẹ̀ ní sí ohun tó máa hù nínú ìgò, ìyẹn ò sọ pé kò sí àrùn, wọ́n á ṣì parí òògùn.

Ọjọ́ kẹrin ara tutù, ọjọ́ kẹfà sójà ti lé ní 0.5, ibà ò sì padà fún ọjọ́ méjì gbáko, wọ́n dá òògùn tó ń gba ojú iṣan dúró, wọ́n ní kí wọ́n máa fi oníhóró parí rẹ̀ nílé. Àwọn kan wà tára wọn ò le tó bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tí dókítà á kà máàkì fún wọn, ọjọ́ orí, ìfúnpá, bí ara ṣe rí, tí wọ́n á wá fún wọn ní siprofilọsasíìnì àti amọsikiláàfù kí wọ́n máa lò nílé. Dókítà ló ń ṣe ìpinnu yẹn lẹ́yìn tó ti yẹ̀ wọ́n wò, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa lọ fi ẹnu ara yín rà, kò sì tọ́ sí ẹni tí ilé ẹ̀ jìnnà sí ọsibítù ju bíi wákàtí kan lọ.

Kímò tó kàn

Ẹni tó bá ti rí irú èyí lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún rí i. Dókítà lè dín ìwọ̀n òògùn kù, tàbí kó sún ọjọ́ síwájú, tàbí kó fi abẹ́rẹ́ filgirasitíìmù kún un, òun ló máa ń ta mùdùnmúdùn jí kó tètè máa bí sójà. Ọjọ́ kejì kímò ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú kímò, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un sábẹ́ awọ ikùn fún bí ọjọ́ mélòó kan. Inú fíríìjì ló ń gbé, kò gbọ́dọ̀ di yìnyín, torí náà lásìkò tí iná ò bá sí, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kẹ́ ẹ fi aṣọ ya yìnyín àti abẹ́rẹ́ nípá.

Abẹ́rẹ́ yìí máa ń jẹ́ kí egungun dunni, ìbàdí àti ẹ̀yìn pàápàá, torí mùdùnmúdùn ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ìyá Aláṣọ pè mí ní aago 5 ìdájí pé àwọn ò lè dìde, ṣé àwọn lè lo parasitamọ́ọ̀ báyìí. Mo ní ẹ lè lò ó mà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi tẹmómítà sábẹ́ ahọ́n, ẹ ka iye tó bá wí fún mi kẹ́ ẹ tó gbé omi. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tó dún. Wọ́n ní 36.8 ni.